Káàdì gáàsì ní Kábà: àwọn tó ń padà wá rà ń pọ̀ sí i, owó ò pọ̀ sí i

Ọmọ Òwé · 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Gáàsì ìdáná ni mò ń tà ní Kábà. Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń fún oníbàárà ní káàdì: ẹni tó bá wá rà, mo tẹ òǹtẹ̀ kan fún un, tí òǹtẹ̀ bá pé mẹ́wàá, ó gba kílò 1 lọ́fẹ̀ẹ́. Mò ń ta kílò kan ní ₦1,300. Tí mo bá ro owó ọkọ̀ àti owó iná mọ́ ọn, ₦1,150 ló ń dúró lé mi lórí. Nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fóònù oníbàárà ni mo fi ń dá a mọ̀ nínú ìwé.

Ní oṣù yìí, ènìyàn 212 ló rà lọ́wọ́ mi, 74 nínú wọn ló rà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyẹn jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù tó kọjá, 27 ni. Ó ń gòkè dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò èrè, ibi tó wà náà ló wà. Ṣé káàdì yìí ń ṣiṣẹ́ àbí mo kàn ń pín gáàsì ni?

Bàbá Gbẹ̀dẹ̀ · 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èènì ni àwọn ìyá wa fi ń dá oníbàárà dúró kí káàdì tó dé. Ẹni tó ra ìrẹsì, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, yóò sì tún padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìwọ náà fi èènì díẹ̀ lé gáàsì, má fi ti òǹtẹ̀ da ara rẹ láàmú. Tí o bá sì fẹ́ máa lo káàdì náà, tẹ òǹtẹ̀ méjì sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Mo ti kà á rí pé ẹni tó bá rí i pé òun ti bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ parí rẹ̀.

Ẹlẹ́ja Yàgbà · 28 Oṣù Kẹsàn-án

Àwìn ni kí ẹ ṣọ́ra fún o. Ẹni tí ẹ bá ta àwìn fún kò ní padà wá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín ni yóò máa gbà kọjá. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, àwọn tó jẹ mí lówó ni mi ò rí mọ́.

Ọmọ Òwé · 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ ṣé, Mà. Mi ò ta àwìn rárá. Káàdì ẹ̀bùn ni mo ń béèrè nípa rẹ̀, àti bí mo ṣe lè mọ iye àwọn tó ń padà wá.

Akọ̀wé Ìjùmú · 29 Oṣù Kẹsàn-án

Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí káàdì yín ń sọ fún oníbàárà. Òǹtẹ̀ kan fún wíwá kan. Ẹni tó bá ra kílò 1 gba òǹtẹ̀ kan, ẹni tó kún sílíńdà 12.5 náà gba òǹtẹ̀ kan. Kí ni ọlọ́gbọ́n yóò ṣe? Yóò máa ra kílò kọ̀ọ̀kan. Ó dá mi lójú pé tí ẹ bá ṣí ìwé yín, ẹ ó rí àwọn tó máa ń ra 3 tàbí 6 tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń ra 1 báyìí.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Èrè yín lórí kílò kan jẹ́ ₦150. Ẹni tó ra kílò kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá mú èrè ₦1,500 wá, ẹ sì fún un ní kílò kan tó ná yín ní ₦1,150. Ó ku ₦350. Ẹni tó ra kílò 6 nígbà mẹ́wàá mú ₦9,000 wá, ẹ̀bùn kan náà ló sì gbà. Ẹni tó ń mú owó gidi wá ni ẹ kò ṣe ohunkóhun fún.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí iye àwọn tó ń padà fi gòkè tí owó kò tẹ̀ lé e. Ilé kan tó ń ra kílò 3 lẹ́ẹ̀kan lóṣù pín in sí kílò kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́ta. Nínú ìwé yín, ó ti di ẹni tó padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Lórí iná, ìkòkò kan náà ló ń sè.

Ọmọ Òwé · 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti ṣí ìwé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Àwọn kan tilẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Akọ̀wé Ìjùmú · 29 Oṣù Kẹsàn-án

Ohun kejì tún wà, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé tó ní ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó sì ń fi gáàsì nìkan dáná, lè lo sílíńdà 12.5 fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ wá ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 30. Ilé yẹn kò lè rà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 30, àfi tí gáàsì bá ń jò. Ìyẹn ni pé oníbàárà yín tó dára jù lọ wà lára àwọn 138 tí ẹ kà sí ẹni tí kò padà.

Kí ẹ tó ka ẹni tó padà, ẹ kọ́kọ́ wá bí àlàfo ṣe máa ń gùn tó láàárín rírà kan àti èkejì. Ẹ mú àwọn tó ti rà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ to àlàfo wọn láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó gùn jù, kí ẹ wo èyí tó bọ́ sí àárín. Ẹ má ṣe ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ pín in, nítorí ẹnì kan tó lọ sí Àbújá fún oṣù mẹ́rin yóò fa gbogbo rẹ̀ gùn. Ẹ ṣe é lọ́tọ̀ fún sílíńdà ńlá, lọ́tọ̀ fún 5 àti 6, lọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ra 1 sí 3. Ẹ wá fún oníbàárà ní àyè tó gùn ju àlàfo àárín yẹn lọ dáadáa. Fún gáàsì, èmi á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ 56, kí ilé tó ń lo 12.5 lè ráyè padà.

Ẹlẹ́ja Yàgbà · 29 Oṣù Kẹsàn-án

Èyí yé mi wàyí. Tiwa rọrùn, ọjọ́ ọjà la fi ń kà á. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún lọjà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹfà lóṣù ni oníbàárà mi yẹ kó wá. Tí ó bá wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó jẹ́ ìdajì.

Akọ̀wé Ìjùmú · 29 Oṣù Kẹsàn-án

Màmá, ẹ rántí pé a máa ń ka òní mọ́ ọn. Tí ọjà bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun di ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú ìkẹta, Ọjọ́bọ̀ ìkẹrin, ọjà tún bọ́ sí Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́rin gidi ló wà láàárín wọn. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, ọjà a ná lẹ́ẹ̀meje tàbí lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mẹta kò tíì tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ìlànà yín dára: iye ọjọ́ ọjà ni kí ẹ máa fi wọn àlàfo, ẹ má lo oṣù orí kàlẹ́ńdà, nítorí oṣù kan lè ní ọjà meje kí èkejì ní mẹ́jọ, ẹ ó wá rò pé ọjà yín ló gbòòrò.

Olùkọ́ Ẹ̀gbẹ̀ · 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ jọ̀ọ́, nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fóònù yẹn ń yọ mí lẹ́nu. Nọ́mbà oní-mẹ́rin jẹ́ 10,000 péré, láti 0000 dé 9999. Ẹ lè rò pé 212 kéré sí 10,000, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì ni iye méjì-méjì tí a lè mú nínú ènìyàn 212, ìyẹn sì jẹ́ 22,366. Tí ẹ bá pín in sí 10,000, ẹ retí bíi orísìí méjì tí nọ́mbà wọn yóò jọra. Ènìyàn méjì tí kò mọra wọn rí, tí kálukú rà lẹ́ẹ̀kan, yóò di ẹnì kan tó rà lẹ́ẹ̀mejì. Tí oníbàárà yín bá di 400, orísìí bíi mẹ́jọ ni.

Ìṣòro tó tóbi jùyẹn ni pé ọmọ ni wọ́n sábà máa ń rán ní gáàsì. Lónìí nọ́mbà ìyá, lọ́jọ́ mìíràn nọ́mbà bàbá, lọ́jọ́ kẹta ọmọ ò mọ nọ́mbà kankan. Ilé kan náà di ènìyàn mẹ́ta tí kò padà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi nọ́mbà sára sílíńdà. Ẹ gé páálí irin kékeré, ẹ lu nọ́mbà sí i, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ọwọ́ sílíńdà. Ilé ló ni nọ́mbà náà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, nọ́mbà yẹn lẹ ó kọ. Tí wọ́n bá pààrọ̀ sílíńdà, nọ́mbà a bá wọn lọ sórí tuntun.

Àǹfààní kejì rẹ̀ ni pé ẹ kò nílò láti tọ́jú fóònù àwọn ènìyàn. Láti 2023 ni òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà. Tí ẹ bá fẹ́ gba nọ́mbà láti fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún wọn kí wọ́n tó fi sílẹ̀.

Ọmọ Òwé · 30 Oṣù Kẹsàn-án

Nọ́mbà ara sílíńdà dùn mọ́ mi. Láti ọ̀la, 1 Oṣù Kẹwàá, ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ṣe káàdì tuntun?

Akọ̀wé Ìjùmú · 30 Oṣù Kẹsàn-án

Kílò ni kí òǹtẹ̀ máa tẹ̀ lé. Kílò 3 fún òǹtẹ̀ kan. Ẹni tó ra 3 gba kan, 6 gba méjì, 12.5 gba mẹ́rin. Kò sí ẹni tí yóò jèrè nínú pípín rírà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ mọ́, ẹni tó ra 1 kò tilẹ̀ ní gba òǹtẹ̀ rárá. Ìyẹn lè bí àwọn kan nínú, mo mọ̀. Ẹ lè kọ kílò tó ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn káàdì pẹ̀lú bírò kí ó lè máa pọ̀ sí i.

Níbi tí òǹtẹ̀ yẹ kó dé kí ẹ̀bùn tó bọ́ lọ́wọ́, èmi fúnra mi yí èrò padà lórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò ó sí òǹtẹ̀ 14, kílò 42 nìyẹn. Èrè yín yóò jẹ́ ₦6,300, ẹ̀bùn kílò 1 jẹ́ ₦1,150, bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ilé tó ń kún 12.5 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà gbọ́dọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Láti ọjọ́ tó gba káàdì dé ọjọ́ ẹ̀bùn á ju oṣù mẹ́rin lọ. Káàdì yóò ti sọnù sábẹ́ àga. Nítorí náà, ẹ gé e sí méjì: òǹtẹ̀ 7, kílò 21, ẹ̀bùn ìdajì kílò. Ìdá èrè tó ń lọ kò yí padà, ilé oní-12.5 sì gba ẹ̀bùn nígbà kejì tó wá. Ìgbà kejì yẹn ni ẹ ń wá, nítorí ibẹ̀ ló ti ń pinnu bóyá ọ̀dọ̀ yín ni yóò máa lọ.

Bàbá Gbẹ̀dẹ̀ · 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ìdajì kílò kéré lójú ènìyàn. Kí ẹ fi bu èènì sínú sílíńdà wọn nígbà gbogbo ló dára jù. Ẹ sì rántí òǹtẹ̀ méjì tí mo sọ.

Akọ̀wé Ìjùmú · 30 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá, ẹ má bínú, méjèèjì ló ní ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn.

Èènì gáàsì léwu. Sílíńdà 12.5 kò gbọ́dọ̀ gba ju 12.5 lọ. A máa ń fi àyè sílẹ̀ lókè gáàsì olómi nínú rẹ̀, nítorí tí oòrùn bá mú un, gáàsì olómi á wú. Tí kò bá ríbi wú sí, agbára rẹ̀ á máa ti irin. Ẹni tó kún sílíńdà rẹ̀ tó sì tún jẹ ẹ̀bùn, owó ni ẹ ó yọ fún un: ẹ kún 12.5, kí ó san owó 12. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń ta gáàsì gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni inú rere yóò mú kó fi kún un.

Ti òǹtẹ̀ méjì, ìwádìí náà wà lóòótọ́. Joseph Nunes àti Xavier Drèze ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Wọ́n pín káàdì 300 ní ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ìdajì gba káàdì olójú 8 tó ṣófo, ìdajì gba káàdì olójú 10 tí wọ́n ti tẹ méjì sí. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ló kù fún gbogbo wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún, 19 ló parí ti àkọ́kọ́, 34 ló parí ti èkejì. Ibi tí ẹ ti ṣì í díẹ̀ ni pé wọ́n fi ojú méjì kún káàdì kí wọ́n tó tẹ méjì náà. Tí ẹ bá tẹ méjì sórí káàdì olójú 7, ẹ ti sọ ọ́ di 5, kílò 15 nìyẹn, ẹ̀bùn yín á di bíi 26 nínú ọgọ́rùn-ún èrè dípò 18. Ẹ tẹ káàdì olójú 9, kí ẹ tẹ méjì sílẹ̀. Kílò 21 náà ló kù láti rà.

Bàbá Gbẹ̀dẹ̀ · 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ó yé mi. Ti sílíńdà yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí pé ìdajì kílò kò jọ ẹ̀bùn. Ẹ fún wọn ní ohun tí ojú rí. Róbà gáàsì tuntun ńkọ́, tàbí irin tí wọ́n fi ń dè é? Róbà inú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbẹ, ó ti ń ya.

Olùkọ́ Ẹ̀gbẹ̀ · 1 Oṣù Kẹwàá

Èmi fara mọ́ Bàbá lórí róbà. Iye tí ẹ rà á ní ọ̀pọ̀ nìkan ni ẹ ó kà sí ìnáwó, oníbàárà sì ń wo iye tí yóò rà á lọ́jà. Àléébù rẹ̀ ni pé ilé kan kò nílò róbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ lè fi ṣe ẹ̀bùn káàdì kejì, kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ gáàsì.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni bí òǹtẹ̀ ṣe ń bàjẹ́. Òǹtẹ̀ rọ́bà lásán, ẹnikẹ́ni lè gbẹ́ irú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́mbà ilé sórí káàdì, kí òǹtẹ̀ tó wà nínú ìwé jẹ́ èyí tí a gbà, kí káàdì jẹ́ ìrántí fún oníbàárà nìkan. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ fi gbogbo kílò tó ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ wé gbogbo òǹtẹ̀, láìka méjì-méjì tí ẹ ti tẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ọn. Tí kílò 900 bá jáde, òǹtẹ̀ kò lè ju 300 lọ láéláé, ó sì yẹ kó kéré sí i nítorí kílò tó máa ń ṣẹ́kù àti àwọn tí kò gba káàdì. Tí ẹ bá rí 310, ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rẹ́.

Mo tún fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń lo Google Sheets. Òpó A ni ọjọ́, B ni nọ́mbà ilé, C ni kílò. Ẹ tẹ F2 lẹ́ẹ̀kan, yóò kọ gbogbo nọ́mbà ilé sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́ta yòókù, ẹ fà wọ́n wálẹ̀:

```
F2: =UNIQUE(FILTER(B2:B,B2:B<>""))
G2: =MINIFS(A:A,B:B,F2)
H2: =MINIFS(A:A,B:B,F2,A:A,">"&G2)
I2: =IF(H2=0,"",H2-G2)
```

G ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ilé náà rà, H ni ọjọ́ kejì, I ni iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò ní kà sí ẹni tó padà, nítorí H ń wá ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Fún àwọn tó rà láàárín 1 sí 15 Oṣù Kẹwàá:

```
=COUNTIFS(G:G,">="&DATE(2025,10,1),G:G,"<="&DATE(2025,10,15),I:I,"<=56")/COUNTIFS(G:G,">="&DATE(2025,10,1),G:G,"<="&DATE(2025,10,15))
```

Ẹ má ṣí i wò kí ọjọ́ 56 tó pé lórí ẹni tó wọlé kẹ́yìn, ìyẹn 10 Oṣù Kejìlá. Ẹni tó rà ní 15 Oṣù Kẹwàá kò tíì ráyè padà tí ẹ bá wò ó ní ìparí oṣù, yóò wá dà bí ẹni tó sá lọ.

Akọ̀wé Ìjùmú · 1 Oṣù Kẹwàá

Olùkọ́ ti parí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo: ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí náà gbogbo ènìyàn ni yóò jọ ẹni tuntun nínú òpó G, títí kan ẹni tó ti ń rà láti ọdún mẹ́ta. Ẹ má sọ pé “àwọn tuntun tó padà” fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ sọ pé “àwọn tó rà lọ́sẹ̀ méjì yẹn.” Àwọn oníbàárà àtijọ́ ni yóò gbé e ga. Tí oṣù kẹta bá dé tí ó sì lọ sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Àwọn tuntun gidi lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí.

Ọmọ Òwé · 11 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Mo ti padà dé. Ilé 60 ló rà láàárín 1 sí 15 Oṣù Kẹwàá. 41 padà láàárín ọjọ́ 56, ìyẹn 68 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo yà wọ́n sọ́tọ̀:

Oní-12.5 jẹ́ 22, 17 padà.
Oní-5 àti 6 jẹ́ 20, 15 padà.
Àwọn tó ń ra 1 sí 3 jẹ́ 18, 9 padà.

Láti 35 dé 68! Ṣé káàdì tuntun ló ṣe é?

Akọ̀wé Ìjùmú · 11 Oṣù Kejìlá

Ẹ kú iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi 68 wé 35. Ojú òṣùwọ̀n ló yí padà: ọjọ́ 30 di 56, fóònù di nọ́mbà sílíńdà. A kò mọ iye tí 35 yẹn ìbá jẹ́ lójú òṣùwọ̀n tuntun. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni 68 yìí, òun ni ẹ ó fi wé àwọn oṣù tó ń bọ̀.

Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ ni pípín sọ́tọ̀. Sílíńdà ńlá, 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Oní-5 àti 6, 75. Kékeré, 50. Àwọn ilé márùn-ún oní-12.5 tí kò padà ni èmi á kọ́kọ́ wá. Ilé kọ̀ọ̀kan yẹn ń mú èrè ₦1,875 wá nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kún sílíńdà. Nínú ìwé yín, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n wá kẹ́yìn. Ṣé gáàsì tán lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì? Káàdì kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ní ti ìbéèrè bóyá káàdì ló ń fà á, ẹ ronú báyìí. Kò sí ẹni tó ń se oúnjẹ sí i nítorí káàdì. Kílò tó lè pọ̀ sí i ni èyí tí ilé náà ìbá rà níbòmíràn. Ẹ̀bùn ìdajì kílò ná yín ní ₦575. Ẹ nílò bíi kílò mẹ́rin tí wọn kì bá tí rà lọ́dọ̀ yín kí ẹ̀bùn kan tó san ara rẹ̀. Ilé tó ti ń ra gbogbo gáàsì rẹ̀ lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀ kò lè fún yín ní kílò mẹ́rin yẹn láéláé. Ẹ̀bùn tirẹ̀ jẹ́ ọpẹ́, ẹ kà á sí ìnáwó.

Olùkọ́ Ẹ̀gbẹ̀ · 11 Oṣù Kejìlá

Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ọ́n ni pé kí àwọn tó ń wọlé tuntun pín sí méjì: nọ́mbà sílíńdà tí kò pín sí méjì gẹ́gẹ́, bíi 301 àti 303, gba káàdì, àwọn tó pín sí méjì gẹ́gẹ́, bíi 302 àti 304, kò gba. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi kílò tí ilé kọ̀ọ̀kan rà wéra.

Ẹlẹ́ja Yàgbà · 11 Oṣù Kejìlá

Ní Kábà? Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan, ẹ fún ọ̀kan ní káàdì kí ẹ má fún èkejì? Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n á ti máa sọ pé ẹ ń ṣe ojúsàájú. Ẹ ò ní rí èyí tí ẹ fẹ́ kà mọ́.

Olùkọ́ Ẹ̀gbẹ̀ · 11 Oṣù Kejìlá

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ pín in ní àdúgbò sí àdúgbò, ṣùgbọ́n àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà kò dà bí ti àwọn àgbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí lè jẹ́ ti àdúgbò. Mi ò tíì rí ọ̀nà tó mọ́ lórí èyí fún ìlú kékeré.

Bàbá Gbẹ̀dẹ̀ · 12 Oṣù Kejìlá

Kérésì ti dé o. Àwọn ọmọ wa láti Èkó àti Àbújá ń bọ̀ wálé. Wọ́n á kún sílíńdà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ṣé àwọn yẹn náà ni ẹ ó máa kà mọ́ àwọn tí kò padà?

Akọ̀wé Ìjùmú · 12 Oṣù Kejìlá

Ìbéèrè tó dára jù lọ nínú gbogbo ìjíròrò yìí nìyẹn, Bàbá. Ẹ kọ “À” sí ẹ̀gbẹ́ nọ́mbà wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, fún àlejò, kí ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ tí wọ́n ń rà ni kí ẹ béèrè, ẹ má dúró di Oṣù Kejì kí ẹ tó máa pe ẹni tí kò padà ní àlejò, nítorí nígbà náà gbogbo ẹni tí ẹ pàdánù ni yóò di àlejò lójú yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ìsinmi yàtọ̀: wọ́n ń padà. Fún tiwọn, ọjọ́ tí ilé-ìwé wà ní títì ni kí ẹ yọ kúrò nínú ọjọ́ 56.

Ọmọ Òwé · 12 Oṣù Kejìlá

Mo ti gbọ́. Ilé márùn-ún oní-12.5 yẹn, mo ti wo ìwé wọn. Mẹ́ta nínú wọn rà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀sẹ̀ tí òṣùwọ̀n mi bàjẹ́ tí mo yá ti ẹlòmíràn lò. Mi ò mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n yẹn jẹ wọ́n ní kílò. Mò ń lọ kí wọn nílé lọ́la pẹ̀lú òṣùwọ̀n mi lọ́wọ́.